Aṣọ Ọmọdé Tó Ní Àyè: Ká Ra Tuntun ni, Ká Ṣa Òkìríkà, àbí Ká Gbé e fún Télọ̀?

Lóṣù Kọkànlá ni àwọn oníbàárà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ ọdún wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, màmá àgbà kan mú ọmọ-ọmọ wọn wá, ọmọbìnrin ọdún mẹ́ta. Wọ́n tẹ́ ańkárá yáàdì méjì sórí tábìlì, wọ́n ní, "Ọmọ mi, gé e kó fẹ̀ dáadáa o, kó lè wọ̀ ọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀." Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká jẹ́ kó gùn, ẹ má jẹ́ ká fẹ̀ ẹ́ jù." Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ yọ nínú aṣọ wọn.

Àwọn àgbà ló ní ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lójú télọ̀, àlàyé mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn: aṣọ ọmọdé kì í ráyè di àkísà, ọmọ á ti ga jù ú lọ kó tó gbó. Ìdí nìyẹn tí gbogbo òbí fi ń wá aṣọ tó ní àyè. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sì ń gbà wá a. Àwọn kan ń ra tuntun tó ti di rírán, nọ́ńbà tó ju ti ọmọ lọ. Àwọn kan ń lọ ṣa òkìríkà. Àwọn kan ń gbé aṣọ fún télọ̀. Èmi télọ̀ ni mò ń sọ̀rọ̀, ẹ ti mọ ibi tí mo dúró sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo máa ń ní kí wọ́n gbé e wá fún mi.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni ibi tí àyè wà nínú aṣọ. Láti ọdún méjì sí márùn-ún, ọmọ máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 sí 8 ga sí i lọ́dún, ká pè é ní íǹṣì 3. Àyà rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yára tó bẹ́ẹ̀. Bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ló máa ń fi kún un láàárín àkókò kan náà. Orí rẹ̀ ní tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Orí ọmọ ọdún méjì máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 48 tàbí 49 yíká, tó bá fi máa di ọmọ ọdún márùn-ún, bíi 51 ni. Ọmọdé ń ga ju bó ṣe ń fẹ̀ lọ. Aṣọ tó ní àyè tòótọ́ ni èyí tí èjìká àti ọrùn rẹ̀ bá ọmọ mu lónìí, tí gbogbo àfikún rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ gáùn, ní etí apá àti ní ẹsẹ̀ ṣòkòtò, níbi tí a ti lè máa tú u sílẹ̀ bí ọmọ ti ń ga.

Èkejì ni ọrùn aṣọ. Ó gbọ́dọ̀ gba orí kọjá láìfi ipá fà á, kó sì tún jókòó sí ìdí ọrùn láìyọ̀ bọ́ kúrò léjìká. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò fẹ́ bára wọn gbé, torí orí ọmọ ọdún mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ọrùn rẹ̀. Ohun tó ń làjà láàárín wọn ni ẹnu aṣọ tí a là, pẹ̀lú bọ́tìnì tàbí síìpù tí a fi ń pa á dé. Ẹ̀kẹta nìyẹn: ṣé ohun tí a fi pa aṣọ dé dúró dáadáa, ṣé kò lè já bọ́ sẹ́nu ọmọ, ṣé kò ní gé ara rẹ̀ jẹ? Ẹ̀kẹrin ni owó, èmi kì í sì í wo iye tí wọ́n ra aṣọ nìkan. Mo máa ń pín in sí iye oṣù tí ọmọ máa fi wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ okùn ọrùn kò sí lára òṣùwọ̀n, torí kò sí ohun tí a fẹ́ wọ̀n níbẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sí ni. Ríbọ́ọ̀nù náà okùn ni. Ìjàrá tí wọ́n ń so lẹ́yìn ọrùn gáùn, okùn inú húùdù súẹ́tà, okùn tí wọ́n fi ń so bíìbù ọmọ ọwọ́, okùn ni gbogbo wọn. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé: ọmọ fẹ́ yọ̀ wálẹ̀ lórí ìyọ̀ ní pápá ìṣeré, kókó ìdí okùn há sínú àlàfo kékeré lókè ibẹ̀, ara ọmọ ń lọ sísàlẹ̀, okùn dúró. Ìwọ̀n ara ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń fún un lọ́rùn, kò sì ní lè pariwo. Nínú ilé, ìkọ́ fèrèsé, ọwọ́ ilẹ̀kùn àti ẹ̀yìn àga lè ṣe irú rẹ̀. Lórí ọ̀kadà, ìjàrá tó ń fẹ́ lélẹ̀ lè wọ inú táyà.

Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin dè é láti 1976: aṣọ òde ọmọdé tí fífẹ̀ àyà rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 44 lọ, wọn kò gbọ́dọ̀ tà á tó bá ní okùn tí a fi ń fa húùdù pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ọjà gbé ìlànà jáde ní 1996, pé kí okùn kúrò ní ọrùn àti húùdù aṣọ òkè ọmọdé láti nọ́ńbà 2T títí dé 12, nígbà tó sì di 2011 wọ́n kà á sí àléébù tí wọ́n lè torí rẹ̀ kó ọjà kúrò lórí igbá. Ìlànà Yúróòpù, EN 14682, kò fàyè gba okùn fífà ní ọrùn tàbí húùdù aṣọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje. Nínú ọjà tiwa, ọwọ́ ẹni tó ń rà á ni àyẹ̀wò náà wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí okùn ti ń wọlé, torí òun ló so gbogbo ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Òbí á ra aṣọ tó fẹ̀ jù, ọrùn á ṣí sílẹ̀, èjìká kan á máa bọ́. Ẹnì kan á wá ní, "Ẹ fi ríbọ́ọ̀nù fà á pọ̀ kó lè mú un." Àyè tí a gbà sí ibi tí kò yẹ ló pe okùn wá.

Tuntun láti ọjà, nọ́ńbà tó tóbi

Ohun tó dára nínú èyí ni pé ojú ẹsẹ̀ ni. Ẹ rí i, ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ, ẹ san owó, ẹ lọ. Télọ̀ kankan kò ní fi "ẹ padà wá lọ́la" dá yín lóró, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìṣòro rẹ̀ àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà. Ẹ má fi ọjọ́ orí ra aṣọ, gíga ni kí ẹ fi rà á. Ẹ jẹ́ kí ọmọ bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ gbé ìwé pẹrẹsẹ lé e lórí, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ara ògiri, kí ẹ wá fi téèpù wọn ibẹ̀ wálẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ aṣọ tó wá láti Yúróòpù, 92, 98, 104 àti 110 tí ẹ ń rí, gíga ọmọ ní sẹ̀ǹtímítà ni. Ti Ṣáínà máa ń fò láti 90 sí 100 sí 110, gíga náà ni. Ti Ìlú Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ ọdún, bíi 3-4, ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, 104 sábà máa ń wà níbẹ̀. T tó wà lára 3T ti Amẹ́ríkà ń sọ pé wọ́n gé e fún ọmọ kékeré, èyí tí ìdí rẹ̀ ṣì ní àyè fún nápíìnì.

Ọmọ tó bá ga ní 96, 98 ló bá a mu lónìí, 104 ló ní àyè, 110 ni ìjọ̀gbọ̀n. Àtẹ̀gùn kan péré ni kí ẹ fi gùn ún. Tó bá ti di méjì, ojú rírán èjìká á ti sọ̀ kalẹ̀ sí apá, abẹ́ abíyá á fẹ̀ débi pé tí ọmọ bá gbé ọwọ́ sókè, gbogbo aṣọ á bá a gòkè. Ẹ ṣe ìdánwò kan kí ẹ tó sanwó: ẹ fi ìka kan fa ọrùn aṣọ sí ẹ̀gbẹ́, síhà èjìká. Tó bá yọ̀ kọjá egungun èjìká bọ́ sí apá, ẹ dá a padà, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ìṣòro kejì jinlẹ̀ jù èyí lọ. Ẹ yí etí ìsàlẹ̀ aṣọ náà sóde. Nínú ọ̀pọ̀ aṣọ iléeṣẹ́, ìṣẹ́tí rẹ̀ kì í ju sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì lọ, torí aṣọ tó bá kù sínú, owó ni lójú wọn. Kò sí ohun tí a lè tú sílẹ̀. Àyè tí ẹ rà kò ju nọ́ńbà yẹn lọ, tó bá sì ti tán, ó tán. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, tí a bá pín owó rẹ̀ sí oṣù, òun ló sábà máa ń wọ́n jù.

Ẹ tún wo bọ́tìnì rẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń gán bọ́tìnì ní iléeṣẹ́, òwú kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò, òwú náà sì ń kọ́ ara rẹ̀ bí ẹ̀wọ̀n. Tí ẹ bá rí ìdí òwú kan tó yọ lẹ́yìn bọ́tìnì, tí ẹ fà á díẹ̀, tí ó sì ń tú lọ wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀, gbogbo bọ́tìnì ara aṣọ yẹn ni kí ẹ tún rán. Mo máa ń lo bọ́tìnì oníhò mẹ́rin tó tẹ́ pẹrẹsẹ, òwú oníṣẹ́po méjì, abẹ́rẹ́ á gba ihò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán, mo á sì fi àjákù aṣọ kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà ya ańkárá. Lẹ́yìn náà mo á di í mú, mo á fà á kíkankíkan, mo á ka dé mẹ́wàá. Àwọn tó ń dán an wò nínú yàrá ìdánwò máa ń fi agbára tó tó ìwọ̀n kílò méje fà á fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Ọwọ́ mi kò ní òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n bọ́tìnì tó bá máa bọ́ lẹ́nu ọmọ kì í dúró de mẹ́wàá.

Fún ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ má ra ṣòkòtò tó ní síìpù níwájú. Ó ń kánjú lọ tọ̀, ó fa síìpù sókè, síìpù sì gé ibi tí kò yẹ kó gé. Rọ́bà ìbàdí ti tó o.

Òkìríkà

Owó aṣọ tuntun kan máa ń ra òkìríkà mélòó kan, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kà sí ni pé òkìríkà ti fi omi àti oòrùn dánra wò. Aṣọ tó bá máa súnkì ti súnkì, àwọ̀ tó bá máa ṣí ti ṣí. Ohun tí ẹ rí ni ẹ máa bá délé.

Nítorí náà, ẹ má gba nọ́ńbà inú rẹ̀ gbọ́. Ẹ mú aṣọ ọmọ yín kan tó bá a mu dáadáa dání lọ sí Kàtangówà tàbí ibi tí ẹ ti ń ṣà á, ẹ tẹ́ ẹ lé orí èyí tí ẹ fẹ́ rà. Kí èjìká àti ọrùn bá ara wọn dọ́gba. Kí gígùn fi íǹṣì 2 jù ú lọ. Ó yá ju pé kí ẹ máa fa ọmọ kiri nínú oòrùn.

Ohun iyebíye kan wà tí mo máa ń wá nínú ṣòkòtò òkìríkà. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú ìbàdí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tí ẹ bá rí rọ́bà pẹlẹbẹ tó ní ihò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, pẹ̀lú bọ́tìnì kékeré níbẹ̀, ẹ ti ṣoríire. Rọ́bà yẹn ni wọ́n fi ń dín ìbàdí kù lónìí, tí wọ́n á sì máa fi í sílẹ̀ ní ihò kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ti ń sanra. Ẹ ra nọ́ńbà tó gùn, ẹ dín ìbàdí rẹ̀, ẹ ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú, kí ẹ fi ọwọ́ rán an. Irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ lè lo ọdún méjì.

Ní ti bọ́tìnì onírin tí a ń tẹ̀ mọ́ra tó ń dún pá, èyí tó wọ́pọ̀ lára aṣọ ọmọ ọwọ́, ẹ ṣí i kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ pa lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá ń ṣí fúnra rẹ̀ tàbí tó ń yí gbirigbiri lójú ihò rẹ̀, aṣọ tó di í mú ti rẹ̀. Kò ní pẹ́ já bọ́, ẹnu ọmọ ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ fi sílẹ̀.

Súẹ́tà oníhúùdù ni mo bẹ̀rù jù lórí tábìlì òkìríkà, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí gbogbo èèyàn ń rà á. Ọmọkùnrin mi wọ ọ̀kan rí. Mo ti rí okùn inú rẹ̀, mo ní màá yọ ọ́ tí mo bá délé, mo délé, iṣẹ́ dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó fò kúrò lórí àga ìjẹun, okùn sì kọ́ ìgbátí àga náà. Àga ló ṣubú tẹ̀ lé e, ìyẹn ló yọ ọ́. Ìlà pupa wà lọ́rùn rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà, inú ọjà ni mo ti ń yọ okùn. Sísọ́ọ̀sì kékeré wà nínú báàgì mi.

Bí a ṣe ń yọ ọ́ rèé. Ẹ fọwọ́ wá àárín húùdù náà lókè, torí wọ́n sábà máa ń fi ẹ̀rọ gán okùn mọ́ aṣọ níbẹ̀. Ẹ tú ojú rírán yẹn, ẹ gé kókó ìdí okùn kan, kí ẹ fa okùn náà jáde láti ìdí kejì. Ẹ má gé e kúrú kí ẹ wá fi ìyókù sínú, torí ọmọ á fi ìka fà á jáde, kókó rẹ̀ á sì tún há. Okùn tó wà ní ìbàdí tàbí ìsàlẹ̀ jákẹ́ẹ̀tì kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wà fún un: ẹ na aṣọ dé ibi tó nà mọ, kí okùn tó yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan má ju íǹṣì 3 lọ. Ẹ rán àárín rẹ̀ mọ́ aṣọ kó má lè yọ jáde sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì yọ kókó tàbí róbótó ṣíṣu tó wà ní ìdí rẹ̀.

Àléébù òkìríkà ni pé oríire ni. Ẹ lè lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ má rí nọ́ńbà ọmọ yín, ẹ kò sì lè rí méjì tó jọra fún ìbejì.

Télọ̀

Níbí ni mo ti máa padà sọ́dọ̀ màmá àti yáàdì méjì wọn.

Mo fi téèpù wọn ọmọ náà. Ó ga ní íǹṣì 38. Àyà rẹ̀ jẹ́ 21, èjìká sí èjìká jẹ́ 10, láti ìdí ọrùn lẹ́yìn dé orúnkún jẹ́ 22. Mo tún wọn orí rẹ̀ yíká, 20. Télọ̀ tí kì í wọn orí ọmọdé, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe fẹ́ kí aṣọ náà wọlé.

Mo ní kí wọ́n gbé aṣọ náà padà lọ sílé, kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí wọ́n sá a, kí wọ́n lọ̀ ọ́. Ańkárá olówùú máa ń súnkì, lórí íǹṣì 22 ó lè mú bí odidi íǹṣì kan lọ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, a ó sì ti pàdánù ìdá kan nínú àyè kí ọmọ tó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí wọ́n padà dé, mo gé èjìká ní 10 gan-an. Àyà, mo fi 3 kún 21, ó di 24, ìyẹn ti gba bí àyà rẹ̀ yóò ṣe fẹ̀ lọ́dún kan mọ́ra. Mo tún fi íǹṣì kan sílẹ̀ nínú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó bá di dandan ká tú u. Ọrùn, mo gé e yíká ní 13, ó jókòó dáadáa sí ìdí ọrùn. Báwo ni orí 20 ṣe máa wá gba ọrùn 13? Mo la ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀ ní íǹṣì 4. Ẹnu tí a bá là ní 4 ń fi 8 kún ọrùn, torí etí méjèèjì ló ń ṣí. 13 àti 8 jẹ́ 21, orí ti kọjá. Bọ́tìnì pẹrẹsẹ méjì ni mo fi pa á dé. Síìpù kò burú níbẹ̀, tí télọ̀ bá fi aṣọ pẹlẹbẹ bo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́dọ̀ awọ ara, tó sì bo orí rẹ̀ kó má máa gún ọmọ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n tí síìpù bá bàjẹ́, odidi rẹ̀ la máa pààrọ̀. Tí bọ́tìnì bá já, ẹyọ kan ni. Ti alẹ̀mọ́ra tó ń dún ṣàà tí a bá ń ṣí i, n kì í fi sí ọrùn rárá. Ó ń ha ọmọ lára, ó sì ń kó ìdọ̀tí òwú débi pé kò ní lẹ̀ mọ́.

Màmá fẹ́ kí ìsàlẹ̀ gáùn náà jẹ́ fíléà tó ń yí bí agboòrùn. Ibẹ̀ la ti ní àsọyé. Fíléà kò ṣeé ṣẹ́ ní ìṣẹ́tí ńlá, torí etí rẹ̀ nísàlẹ̀ fẹ̀ ju ibi tí a fẹ́ rán an mọ́ lókè lọ; tí a bá ká íǹṣì 3 sókè, á rún jọ bí ewé gbígbẹ. Ìdajì íǹṣì ló lè gbà. Ẹni tó bá fẹ́ àyè, aṣọ tó lọ tààrà tí a kó jọ lókè ni kó ṣe. Wọ́n gbà, kì í ṣe tìfẹ́tìfẹ́. Mo kó o jọ sí abẹ́ àyà, n kò dé ìbàdí, torí ìbàdí aṣọ tó bá wà ní ìbàdí ọmọ gan-an lónìí, á ti gun òkè lọ́dún tó ń bọ̀, gbogbo èèyàn á sì rí i pé aṣọ náà ti kéré. Èyí tó wà lábẹ́ àyà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Gígùn rẹ̀ jẹ́ 22 lójú, ìṣẹ́tí íǹṣì 3 wà nínú, ọwọ́ ni mo sì fi rán ìṣẹ́tí náà pẹ̀lú òwú gígùn, kó lè rọrùn láti tú. Tí wọ́n bá tú u, ìlà ibi tí a ti ká a rí máa ń hàn, torí ibẹ̀ máa ń ṣí. Léèsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń bò ó. Mo tọ́jú àjákù ańkárá náà sínú ọ̀rá, mo so ó mọ́ aṣọ fún wọn.

Ìjàrá ẹ̀yìn ọrùn tí wọ́n fẹ́ kí n fi ríbọ́ọ̀nù ńlá ṣe, mo kọ̀. Mo fi ańkárá náà ṣe ríbọ́ọ̀nù kan tó dúró, mo rán an mọ́ àyà yíká-yíká, kò sí etí tó ń jò lélẹ̀.

Fún ọmọkùnrin, bùbá ló ń ṣe gbogbo èyí láìsí wàhálà. Bùbá kò ní èjìká tí a gé ṣe rẹ́gí, apá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà ó ń fàyè gba ọmọ ju ṣáàtì lọ. Ẹ fi íǹṣì 2 ká etí apá rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sínú. Ṣòkòtò àtijọ́ ní okùn, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìdí ni okùn yẹn ń gbé, ọmọ kékeré kò sì lè tú u nígbà tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n. Rọ́bà ni kí ẹ fi sí i.

Owó télọ̀ àti owó aṣọ papọ̀ lè ju ti ọjà lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni ẹ lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó fi aṣọ sílẹ̀ nínú. Ewu tirẹ̀ ni télọ̀ fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá lọ gba aṣọ, ẹ yí ìṣẹ́tí sóde kí ẹ tó sanwó. Tí ẹ bá bá ìdajì íǹṣì níbi tí ẹ ti ní kó jẹ́ mẹ́ta, ìyókù ti di pàtì-pàtì lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan, kó má fowó télọ̀ ṣòfò. Ọmọ máa ń kúrò ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50 nígbà ìbí sí 75 láàárín ọdún yẹn, kò sí ìṣẹ́tí tó lè bá a sáré. Òkìríkà ni, èyí tí èjìká rẹ̀ lé orí ara wọn bí àpò lẹ́tà tó ń nà fún orí, tàbí èyí tó ní bọ́tìnì títẹ̀ tó ṣì le. Bọ́tìnì lásán níwájú àyà kò yẹ ọmọ tó ń kó gbogbo nǹkan sẹ́nu.

Láti ọdún kan sí márùn-ún, aṣọ eré àti aṣọ ilé, òkìríkà náà ni, pàápàá ṣòkòtò onírọ́bà oníhò. Aṣọ òde, aṣọ ọdún àti yúnífọ́ọ̀mù, ẹ gbé e fún télọ̀ tó gbà láti ṣẹ́ ìṣẹ́tí íǹṣì 3. Tó bá jẹ́ pé ọ̀la ni ayẹyẹ, ọjà tuntun ni, àtẹ̀gùn kan péré, kí ẹ sì fi alẹ́ ọjọ́ náà tún bọ́tìnì rán.

Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Yúróòpù tó ń wá jákẹ́ẹ̀tì òtútù, tuntun láti ọjà ló dáa jù fún wọn, torí òfin okùn ti bá wọn yẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ wò. Tí ẹ bá fẹ́ kó ti àtijọ́ ránṣẹ́ sílé, ẹ fọwọ́ bọ húùdù rẹ̀ kí ẹ tó dì í.

Màmá padà wá lóṣù Kọkànlá ọdún tó tẹ̀ lé e. Gáùn náà ti dé òkè orúnkún ní íǹṣì kan àbọ̀, ọmọ ti di 40 àbọ̀. Mo tú ìṣẹ́tí, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní íǹṣì kan àbọ̀ yẹn, kan àbọ̀ mìíràn ṣì kù nínú. Mo fi léèsì funfun bo ìlà rẹ̀. Èjìká ti ń fún díẹ̀, mo tú ìdajì íǹṣì nínú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí abẹ́ abíyá lè tú sílẹ̀. Ọmọ gbé e wọ̀ fúnra rẹ̀, ó kọjú sí dígí, ó ní kí n bá òun pa bọ́tìnì ẹ̀yìn dé.